Ogún Òkú Tí A Kò Mọ̀: Ìtàn Lẹ́tà Jìbìtì Tó Ti Lé Ní Igba Ọdún

Ìtàn tí a mú wá lónìí kì í ṣe ti ọba, kì í sì í ṣe ti ogun. Ìtàn lẹ́tà kan ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti rí i gbà lórí ímeèlì tàbí lórí fóònù. Ọ̀gá báńkì kan, tàbí agbẹjọ́rò kan, tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí a kò mọ̀ rí ló kọ ọ́. Ó ní ọlọ́rọ̀ kan ti kú láìní àjogún, owó rẹ̀ tó tó mílíọ̀nù dọ́là mélòó kan wà nílẹ̀, ìwọ gan-an ni òun sì yàn pé kí o wá gbà á.

Àwọn ènìyàn máa ń rò pé ayé ímeèlì ló bí lẹ́tà yìí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn mìíràn ní àwọn ọmọ Nàìjíríà ló dá a sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà kọ́. Kí wọ́n tó fa wáyà tẹlifóònù àkọ́kọ́ láyé ni lẹ́tà náà ti ń rìn. Ẹni tó bá mọ ìtàn rẹ̀ yóò rí i pé orúkọ àti aṣọ rẹ̀ nìkan ló ń yí padà, egungun rẹ̀ kò yí padà rí. Egungun náà ni pé kò sí ogún kankan. Owó kékeré tí wọ́n ní kí o kọ́kọ́ san ni gbogbo ọjà tó wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ Faransé. Lẹ́yìn ìdàrúdàpọ̀ ńlá tó bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1789, ọ̀pọ̀ ìjòyè àti ọlọ́rọ̀ sá kúrò nílùú nítorí ẹ̀mí wọn. Àwọn kan ri wúrà mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó sá, gbogbo ayé sì mọ̀ pé irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní àgbègbè Páríìsì wá rí ọ̀nà oúnjẹ nínú rẹ̀. Ẹni tó sọ ọ́ fún wa ni Vidocq, ọkùnrin kan tó ti ṣẹ̀wọ̀n fúnra rẹ̀, tó bá àwọn oníjìbìtì náà gbé, tó sì wá di ọ̀gá àwọn ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Páríìsì lẹ́yìn náà. Nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tó jáde ní 1828, ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó ní orúkọ tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń pe lẹ́tà náà ni lẹ́tà Jerúsálẹ́mù.

Ohun tó wà nínú lẹ́tà náà nìyí. Ẹni tó kọ ọ́ ní ìránṣẹ́ ìjòyè ńlá kan ni òun. Ó ní òun àti ọ̀gá òun ń fi ẹsẹ̀ sá lọ, òun sì ru àpótí kan tí wúrà tó tó 16,000 fúráǹkì àti díámọ́ǹdì ìyàwó ìjòyè náà wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun lé wọn bá, ọ̀gá rẹ̀ ní kó ju àpótí náà sínú kòtò jíjìn kan kí wọ́n má baà fi dá wọn mọ̀. Nígbà tó yá, ìránṣẹ́ padà wá láti gbé e. Àmọ́ ìṣòro dé bá a lọ́nà, gbèsè sọ ọ́ sẹ́wọ̀n, kò sì ní owó tí yóò fi jáde. Ó ti gbọ́ pé olóòótọ́ ènìyàn ni ẹni tí òun ń kọ̀wé sí. Bí onítọ̀hún bá lè fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, wọn yóò jọ pín ohun tó wà nínú àpótí.

Ẹ wo bó ṣe jọ ti òde òní. Ọrọ̀ ńlá kan wà ní ibi tí ọwọ́ kò tó. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ibẹ̀, ohun kékeré kan ló sì dí i lọ́nà. Owó kékeré ni yóò mú ohun kékeré náà kúrò.

Vidocq ní bí wọ́n bá kọ 100 irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, 20 ni èsì máa ń wá fún. Àwọn ọlọ́rọ̀ tó ń gbé ní ìgbèríko ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí jù, orúkọ wọn sì ń ti ẹnu àwọn ẹlẹ́wọ̀n tuntun jáde, nítorí pé ẹni tó bá ti ìlú kan dé mọ àwọn olówó ìlú náà. Àwọn ará Páríìsì pàápàá kò yọ sílẹ̀. Vidocq ní wọ́n bá oníṣòwò aṣọ kan níbi tó ti ń wa ìsàlẹ̀ afárá Pont Neuf, tó ń wá díámọ́ǹdì tí wọ́n ní ìyá ọlọ́lá kan fi pamọ́ síbẹ̀.

Nígbà tó fi máa di òpin ọ̀rúndún 19, lẹ́tà náà ti rékọjá òkun. Ilẹ̀ Sípéènì ló ti ń wá ní àsìkò yìí, ó sì ń lọ sí Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní jìbìtì ẹlẹ́wọ̀n Sípéènì. Ní 1898, ọdún tí Amẹ́ríkà àti Sípéènì jagun nítorí Kúbà, ìwé ìròyìn ńlá kan ní Niu Yọ́ọ̀kì kìlọ̀ fún àwọn òǹkàwé rẹ̀ pé jìbìtì àtijọ́ yìí tún ti jí dìde. Ọlọ́rọ̀ kan tó wà ní ẹ̀wọ̀n ní Sípéènì ló ń kọ̀wé báyìí. Ó ní àpótí ẹrù òun wà lọ́wọ́ ìjọba, owó tàbí ìwé owó sì wà ní ìkọ̀kọ̀ nínú rẹ̀. Ó ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó fẹ́ kí o gbà tọ́. Bí o bá san owó ilé ẹjọ́ kí wọ́n lè tú àpótí sílẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí mẹ́rin owó náà di tìrẹ.

Ọgbọ́n méjì kún un ní Sípéènì, méjèèjì sì wà láàyè dòní. Èkíní ni alágbàwí tó ní ipò. Kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n nìkan ló ń kọ̀wé mọ́. Àlùfáà ọgbà ẹ̀wọ̀n náà yóò kọ̀wé, ìwé ilé ẹjọ́ tó ní òǹtẹ̀ yóò tẹ̀ lé e, nígbà mìíràn pàápàá wọn yóò fi ẹ̀rí ikú ẹlẹ́wọ̀n náà ránṣẹ́. Ẹni tó ń kà á yóò wò ó pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń jẹ́rìí ohun kan náà, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ kan náà ló kọ gbogbo rẹ̀. Èkejì ni àṣírí. Wọn yóò ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé bí ìjọba bá gbọ́, wọn yóò gba àpótí náà. Àṣírí yìí ni odi tí wọ́n fi yí ẹni náà ká, kí ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí tó lójú má baà rí i kó sì pariwo.

Báwo wá ni lẹ́tà náà ṣe dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ wa? Ní àwọn ọdún 1980, iye owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ ní ọjà àgbáyé, ọrọ̀ ajé Nàìjíríà sì wó. Àwọn tó kàwé wà nílé láìníṣẹ́. Ní àsìkò kan náà, gbogbo ayé ti gbọ́ pé owó epo ń sọnù sí ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba níbẹ̀. Bí ìjòyè tó ń sálọ ṣe mú kí ìtàn àpótí wúrà ṣeé gbà gbọ́ ní Faransé, bẹ́ẹ̀ náà ni ìròyìn owó epo ṣe mú kí ìtàn owó tó há sí báńkì ṣeé gbà gbọ́. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí òkè òkun láti Èkó, lórí bébà tí wọ́n fi sítáǹbù sí, lẹ́yìn náà lórí fáàsì. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ epo ìjọba ló ń kọ̀wé pé wọ́n ti bu owó lé iye iṣẹ́ àgbàṣe kan, èlé náà wà nílẹ̀, àwọn sì ń wá àkáǹtì òkè òkun tí wọn yóò gbé e gbà. Orúkọ tí àwọn ará Nàìjíríà fún irú ìwà yìí ni 419, nítorí abala 419 nínú òfin ìwà ọ̀daràn wọn ló ka fífi irọ́ gba ohun ìní ènìyàn sí ẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tó di 1995, ìjọba wọn ṣe òfin àkànṣe lórí jìbìtì owó àsansílẹ̀, wọ́n sì tún un ṣe ní 2006.

Nígbà tí ímeèlì wá tàn kálẹ̀, sítáǹbù kò sí mọ́, lẹ́tà kan lè dé ọ̀dọ̀ ẹgbàágbèje ènìyàn ní ọjọ́ kan. Ìgbà yìí ni ogún òkú tí a kò mọ̀ gba iwájú. Ó sì kàn wá, nítorí pé ilẹ̀ wa gan-an ni wọ́n fi ṣe ilé fún ìtàn náà.

Ẹ̀yin tó dàgbà yóò rántí Kérésìmesì 2003 ní Kútọnu. Ní 25 oṣù kejìlá ọdún náà, bàálù Boeing 727 tó ń lọ sí Bèírùtù gbéra ní pápákọ̀ òfurufú Kútọnu, kò lè ga, ó gbá ilé kan ní òpin ojú ọ̀nà rẹ̀, ó sì já sí etí òkun. Ẹrù ti wúwo jù nínú rẹ̀. Ó lé ní 130 ènìyàn tó kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ará Lẹ́bánónì. Omijé gidi ni. Àmọ́ kò pẹ́ tí orúkọ bàálù náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ímeèlì àwọn oníjìbìtì. Wọ́n á ní oníbàárà báńkì àwọn kú nínú rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìdílé rẹ̀. Wọ́n á fi ojú-ìwé ìròyìn gidi kan kún un, pé kí o lọ kà á fúnra rẹ. O kà á, o rí i pé bàálù náà já lóòótọ́. Ọkàn rẹ wá gbà pé owó náà wà lóòótọ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀tàn wà. Òtítọ́ tí wọ́n fi hàn ọ́ jẹ́ nípa bàálù, kò sì sọ ohunkóhun nípa owó.

Lẹ́tà mìíràn tó lókìkí ń wá láti ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò kan tó ní Lómé lòun wà. Ó ní oníbàárà òun jẹ́ ọmọ ilẹ̀ rẹ, ó bá ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì ńlá kan ṣiṣẹ́ ní Tógò, òun àti ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀. Nínú àwọn ẹ̀dà rẹ̀ kan, wọ́n dárúkọ ọ̀nà tí ìjàǹbá náà ti ṣẹlẹ̀ pé ọ̀nà Ṣàgámù ni. Ẹ̀yin tó ń na ọjà Èkó àti Ìbàdàn mọ̀ pé Nàìjíríà ni Ṣàgámù wà, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, kò sí ní Tógò. Tógò kò sì ní ilé-iṣẹ́ tó ń wa epo rọ̀bì bí Nàìjíríà ṣe ń wà á. Ará Kánádà tàbí ará Ṣáínà tó ń kà á kò lè mọ èyí. Àwa mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí lẹ́tà bá wá fún àwa náà, ìlú tí àwa kò mọ̀ ni wọn yóò dá sí: Lọ́ńdọ̀nù, Jẹ̀nẹ́fà, Bùrọ́sẹ̀lì. Èyí tó ń wá bá wa ní èdè Faransé jù ni ti ìyá opó kan tó ní àìsàn jẹjẹrẹ ń pa òun lọ, òun kò bímọ, òun sì fẹ́ fi ogún ọkọ òun tọrẹ fún ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run. Nótẹ́ẹ̀rì rẹ̀ ni yóò máa bá ọ sọ̀rọ̀. Àlùfáà ẹ̀wọ̀n Sípéènì ló pààrọ̀ aṣọ.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀kan yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àpẹẹrẹ tí a tò fúnra wa ni, a kò mú un lára ẹnì kan, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń gbà á nìyẹn. Wọ́n ní ogún mílíọ̀nù 9.5 dọ́là wà ní báńkì. Wọ́n ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún yóò jẹ́ tìrẹ. Èyí jẹ́ mílíọ̀nù 3.8 dọ́là. Bí a bá ka dọ́là kan sí 600 sẹ́fà, ó lé ní bílíọ̀nù 2 sẹ́fà. Kò tíì sí ọ̀rọ̀ owó sísan rárá. Orúkọ rẹ, ọjọ́ ìbí, iṣẹ́, nọ́ńbà fóònù àti àwòrán káàdì ìdánimọ̀ nìkan ni wọ́n béèrè. O fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ìwé kan dé tó ní òǹtẹ̀ báńkì, orúkọ rẹ sì wà lórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àjogún.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ní kí o san 85,000 sẹ́fà fún ìwé ìbúra ní ilé ẹjọ́. Ó kéré lójú ẹni tó ń retí bílíọ̀nù 2. O fi í ránṣẹ́ lórí fóònù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìwé ìbúra ti jáde, ṣùgbọ́n nótẹ́ẹ̀rì ní kí o san 240,000. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, báńkì ti fi owó náà ránṣẹ́, wọ́n tilẹ̀ fi ojú-ìwé kan hàn ọ́ tí owó náà ti hàn nínú àkáǹtì pẹ̀lú orúkọ rẹ. Àmọ́ ìjọba dá a dúró, ó ku ìwé ẹ̀rí pé kì í ṣe owó oògùn olóró tàbí ti apániláyà, 650,000 ni. Ní oṣù kejì, owó orí ogún ló kù, 1,400,000. Ìwọ ní o kò ní in mọ́. Wọ́n bá ọ kẹ́dùn, agbẹjọ́rò ní òun yóò fi ìdajì kún un nínú àpò òun, kí ìwọ wá 700,000. O yá a lọ́wọ́ ẹgbẹ́ èésú. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,675,000 sẹ́fà, kò sì sí ẹyọ kan tó wọlé.

Ẹ kíyè sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́kàn ẹni náà. Nígbà tó san 85,000, ìrètí ló mú un san. Nígbà tó fi máa san 700,000, kì í ṣe ìrètí nìkan mọ́. Bó bá dúró, ó ti gbà pé èyí tó ti san ṣòfò nìyẹn. Bó bá san ọ̀kan sí i, ó lè gba gbogbo rẹ̀ padà. Owó tó ti lọ ló ń fa owó tó kù. Ìdí nìyẹn tí owó àkọ́kọ́ fi máa ń kéré. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣí ilẹ̀kùn.

Ohun mìíràn tún wà tó ń pa ẹnu mọ́. Nínú ọ̀pọ̀ lẹ́tà wọ̀nyí, wọ́n ní kí o pe ara rẹ ní ẹbí òkú tí o kò mọ̀ rí. Ìwọ náà ti fọwọ́ sí irọ́ kan. Nígbà tí ojú rẹ bá là, ìtìjú àti ìbẹ̀rù kò ní jẹ́ kí o dé kọmísáríà. Oníjìbìtì mọ èyí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹnì kan lè béèrè pé, bó bá rí bẹ́ẹ̀, èéṣe tí lẹ́tà náà fi máa ń ní àṣìṣe, tí ìtàn rẹ̀ sì máa ń ya ènìyàn lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀? Ṣé wọn kò lè kọ èyí tó dára jù ni? Ní 2012, olùwádìí kan ní ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà Microsoft, Cormac Herley, dáhùn ìbéèrè náà. Ó ní fífi ímeèlì ránṣẹ́ kò náni ní nǹkan kan. Ohun tó ń ná oníjìbìtì ní àkókò ni kó máa bá ẹni tó dáhùn sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Bí lẹ́tà bá dára jù, ọ̀pọ̀ ènìyàn tó lójú yóò dáhùn, wọn yóò béèrè ìbéèrè, wọn yóò sì sá lọ nígbẹ̀yìn láìsan owó. Lẹ́tà tó ya ẹnu máa ń lé àwọn wọ̀nyí dànù lọ́jọ́ kìíní. Ẹni tó bá kà á tán tó sì tún dáhùn, òun ni wọ́n ń wá. Ajọ̀ ni lẹ́tà náà, wọ́n fi ń jọ ènìyàn.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ ká rò pé òmùgọ̀ nìkan ló ń kó sí i. Láàárín 1995 sí 1998, ọ̀gá kan nínú báńkì Banco Noroeste ní Bùràsílì fi owó báńkì náà tó tó mílíọ̀nù 242 dọ́là ránṣẹ́ fún àwọn oníjìbìtì láti Nàìjíríà. Kì í ṣe ogún ni wọ́n fi tàn án, pápákọ̀ òfurufú tí wọ́n ní wọ́n fẹ́ kọ́ sí Àbújá ni, wọ́n sì ṣèlérí mílíọ̀nù 10 dọ́là fún un. Ọ̀kan nínú wọn pe ara rẹ̀ ní gómìnà báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà. Onímọ̀ owó ni ọkùnrin tí wọ́n tàn jẹ, orúkọ oyè ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ ló gbé lé orí. Báńkì náà kò yè é. Ní 2005, ilé ẹjọ́ ní Èkó rán aṣáájú àwọn oníjìbìtì náà lọ sẹ́wọ̀n ọdún 25.

Báwo wá ni a ṣe lè mọ̀ ọ́n? Àwọn bàbá wa ti fún wa ní òṣùwọ̀n kan. Nínú àṣà wa, bí a bá pín ogún ní orí-ò-jorí tàbí ní ìdí-igi, àwọn ọmọ òkú ni a ń kà, ẹbí ló sì ń jókòó kà wọ́n. Kò sí ogún tí kò ní ẹ̀jẹ̀ tàbí ìwé ìhágún nínú. Òfin òde òní náà kò yàtọ̀ níbí yìí. Òṣìṣẹ́ báńkì kò ní agbára láti yan ẹni tó wù ú láti fi ṣe àjogún. Bí òkú kò bá ní àjogún rárá, ìjọba ló ń gba ohun ìní rẹ̀. Nítorí náà ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ta ni òkú yìí sí mi, ta sì ni nínú ẹbí mi tó mọ̀ ọ́n?

Ìbéèrè kejì ló fọ́ irọ́ náà pátápátá. Ẹ sọ fún ẹni tó ń béèrè owó pé: ẹ yọ ọ́ nínú ogún náà, kí ẹ fún mi ní èyí tó kù. Bí mílíọ̀nù 9.5 dọ́là bá wà ní báńkì lóòótọ́, kí ni 85,000 sẹ́fà nínú rẹ̀? Oníjìbìtì yóò ní òfin kò gbà á, tàbí pé owó náà ti di títì. Kò lè yọ ọ́, nítorí pé kò sí nǹkan kan tí yóò ti yọ ọ́. A kò sọ pé nótẹ́ẹ̀rì gidi kì í béèrè owó ṣáájú. Ó lè béèrè owó iṣẹ́ rẹ̀ nígbà mìíràn. Àmọ́ o mọ òkú tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ, ọ́fíìsì rẹ̀ wà níbi tí o lè rìn dé, ó ń fún ọ ní ìwé ẹ̀rí owó, kì í sì í ní kí o fi í ránṣẹ́ sí nọ́ńbà fóònù ẹnì kan ní àṣírí.

Ẹ tún wo àdírẹ́sì ímeèlì náà. Àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́ ìjọba Benin máa ń parí sí `gouv.bj`, ti báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa sì máa ń parí sí `bceao.int`. Ọ̀gá báńkì tó ń lo `gmail.com` ti tú àṣírí ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi èyí nìkan ṣe ẹ̀rí, nítorí pé wọ́n lè ya àdírẹ́sì gidi sórí lẹ́tà irọ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ya òǹtẹ̀. Bí ó bá ṣe ọ́ bíi pé òótọ́ ni, wá nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ níbòmíràn, kí o pè é. Má ṣe lo nọ́ńbà tó wà nínú lẹ́tà.

Bí ẹnì kan nínú ilé bá ti san owó, kó dúró níbi tó dé. Kó má pa lẹ́tà tàbí ìwé ẹ̀rí owó rẹ́, nítorí pé àwọn ni ẹ̀rí. Bí ó bá jẹ́ pé orí fóònù ló ti fi owó ránṣẹ́, kó tètè sọ fún ilé-iṣẹ́ fóònù náà, kí ẹni kejì tó gbé owó jáde. Kó sì lọ sí kọmísáríà. Ní Benin, òfin nọ́ńbà 2017-20 ti 20 oṣù kẹrin 2018, èyí tí a mọ̀ sí Kóòdù Núméríìkì, ka irú jìbìtì orí ayélujára bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Kó tún ṣọ́ra fún àbúrò jìbìtì náà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹnì kan lè pè é pé ọlọ́pàá tàbí agbẹjọ́rò ni òun, pé wọ́n ti mú àwọn olè náà, owó rẹ̀ sì ti jáde, kó san owó díẹ̀ kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Àwọn kan náà ni, tàbí àwọn tó ra orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá ní òun yóò dá ẹ̀wù fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Ẹni tó ní bílíọ̀nù sẹ́fà wà lọ́wọ́ òun, tó ń tọrọ 85,000 lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí, ẹ̀wù wo ló wà lọ́rùn rẹ̀? Ìránṣẹ́ ìjòyè Faransé kò ní ẹ̀wù. Ẹlẹ́wọ̀n Sípéènì kò ní ẹ̀wù. Agbẹjọ́rò Lómé náà kò ní.

Ẹ ka èyí fún ìyá àti bàbá tó wà nílé tí kò lè kà á fúnra wọn, nítorí pé fóònù wọn náà ń gba lẹ́tà. Bí ẹ bá ti rí irú rẹ̀ gbà, ẹ kọ bó ṣe rí sí ìsàlẹ̀ níhìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ má kọ orúkọ tàbí nọ́ńbà ẹnikẹ́ni. Kétu a gbè wá o.